Díẹ̀díẹ̀ Ni Imú Ẹlẹ́dẹ̀ Fi Ń Wọgbà: Bí A Ṣe Ń Ka Ẹyọ Iṣẹ́ Láti Mọ̀ Bóyá Iṣẹ́ Ti Fẹ̀ Ju Àdéhùn Lọ

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn, tí àwa mẹ́ta ń bá kọ áàpù tí wọn yóò fi máa ṣe àkọsílẹ̀ owó wọn, pè mí lórí fóònù. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kékeré kan ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ti san owó, kí àtẹ̀jíṣẹ́ máa wọlé sórí fóònù rẹ̀ bíi ti báǹkì.” Mo ní, “Kò burú, Mà. A óò wò ó.” Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀kan nínú wa ti kọ ọ́ sínú àkójọ iṣẹ́, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá ó wà nínú àdéhùn, kò sí ẹni tó sọ iye ọjọ́ tí yóò gbà, bẹ́ẹ̀ ni akápò náà kò mọ̀ pé òun ti béèrè ohun tí yóò sún ọjọ́ ìparí iṣẹ́ síwájú. Inú rere ni ìyá náà fi béèrè, inú rere ni àwa náà fi gbà á.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní sìkóòpù kíríìpù nìyẹn: kí iṣẹ́ máa fẹ̀ ju ohun tí a jọ fẹnu kò sí lọ, díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹnikẹ́ni tó jókòó pinnu pé kí ó fẹ̀. Ìyọ́fẹ̀ iṣẹ́ ni èmi yóò máa pè é nínú àlàyé yìí, nítorí pé yíyọ́ ló ń yọ́ wọlé. Kì í ṣe gbogbo àfikún ni ìyọ́fẹ̀. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tuntun, tí a jọ ṣírò àsìkò àti owó tí yóò gbà, tí tọ̀tún-tòsì sì fọwọ́ sí i, àdéhùn tuntun ni a ṣe, kò sì sí ẹ̀bi nínú rẹ̀. Èyí tó wọlé láìsí ìṣirò ni ìyọ́fẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ pé iṣẹ́ ti fẹ̀ títí ọjọ́ ìparí yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Ohun tó sì ń dà wọ́n lọ́kàn rú ni pé gbogbo ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó ń ṣe ìmẹ́lẹ́, síbẹ̀ iṣẹ́ kò tán. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìṣirò tí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe: kí a ka ẹyọ iṣẹ́ tó wà lórí àkójọ lónìí, kí a sì fi wé iye tó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ àdéhùn. Ṣùgbọ́n bí ìṣirò náà ṣe rọrùn tó yìí, ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà ṣì í ṣe pọ̀, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ fi iṣẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yìí ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àkójọ ìbẹ̀rẹ̀ ni òṣùwọ̀n

Ẹyọ iṣẹ́ ni mo ń pe ohun kan ṣoṣo tí ẹnì kan lè bẹ̀rẹ̀ kí ó sì parí, tí a lè wò kí a sọ pé ó ti tán tàbí kò tíì tán. “Ètò ẹ̀yáwó” kì í ṣe ẹyọ iṣẹ́, nítorí pé ó gbòòrò jù, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tó parí. “Fọ́ọ̀mù tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò fi béèrè ẹ̀yáwó” jẹ́ ẹyọ iṣẹ́ kan. “Ojú ewé tí onídùúró yóò ti fọwọ́ sí i” jẹ́ òmíràn. Nígbà tí a jókòó pẹ̀lú alága, akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ náà, a pín gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ sí ẹyọ iṣẹ́ 40, a sì ṣètò pé ọ̀sẹ̀ 8 ni yóò gbà wá, èyí tó túmọ̀ sí ẹyọ 5 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà tirẹ̀, láti 001 dé 040.

Ní ọjọ́ tí a fọwọ́ sí àdéhùn, a ṣe àdàkọ àkójọ náà, a kọ déètì sí i, a tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, a sì fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ẹ̀dà kan. Bí mo bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo àlàyé yìí, àdàkọ yẹn ni mo máa mú. Àkójọ tí a ń lò lójoojúmọ́ kì í dúró sójú kan: a ń fi ohun kún un, a ń pa òmíràn rẹ́, a ń tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ. Bí kò bá sí àdàkọ tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè kàn mọ́, kò sí ohun tí a óò fi ti òní wé. Mo ti jókòó ní ìpàdé tí wọ́n ti ń sọ pé, “Ṣebí ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀,” nípa ohun tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi kún un. Wọn kò purọ́. Bí ohun tuntun bá ti pẹ́ díẹ̀ lójú ènìyàn, ìrántí a máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti àtijọ́.

Nọ́ńbà náà ní òfin méjì. Èkíní ni pé ẹyọ tuntun gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà tuntun, kí á má ṣe fi ohun tuntun rọ́pò ohun àtijọ́ lábẹ́ nọ́ńbà kan náà. Èkejì ni pé bí a bá pa ẹyọ kan rẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ bá a lọ, a kò gbọdọ̀ tún un lò. Láìsí òfin méjèèjì yìí, ìfiwéra tí mo fẹ́ ṣàlàyé kò ní ṣeé ṣe.

Iye tó hàn lójú kọ́ ni iye tòótọ́

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹrin, nígbà tó yẹ kí a wà ní àárín ọ̀nà, iye ẹyọ iṣẹ́ orí àkójọ wa ti kúrò ní 40, ó ti di 54. Ó lọ díẹ̀díẹ̀: 42 ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, 45 ní ìkejì, 49 ní ìkẹta. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí àfikún náà tó nǹkan tí ẹnikẹ́ni lè tìtorí rẹ̀ pariwo. Ojú ewé tó ń fi ìlọsíwájú hàn wá sọ pé a ti parí 19 nínú 54, tí í ṣe nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, 16 nínú 49 ni a ti parí, ìyẹn nǹkan bí ìdá 33. Ẹ wo bí ó ṣe rí: ènìyàn mẹ́ta ṣiṣẹ́ odidi ọ̀sẹ̀ kan, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbi tó wà. Bí ẹ bá rí i pé ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n ìdá tó ti parí kò gòkè, ẹ yé wo ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì lọ wo gbogbo iye tí ẹ fi ń pín in.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a yọ 40 kúrò nínú 54, wọn a sì sọ pé iṣẹ́ ti fi 14 fẹ̀. Ìyókúrò yẹn kò tó. Ohun tó yẹ ni kí a fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà, kí a mọ èyí tó wà lónìí tí kò sí níjọ́sí, àti èyí tó wà níjọ́sí tí kò sí mọ́ lónìí. Bí àkójọ méjèèjì bá kéré, bíírò àti ìwé ti tó. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Línọ́ọ̀sì tàbí Máàkì, ẹ lè kó nọ́ńbà ọjọ́ àdéhùn sínú fáìlì kan, kí ẹ kó ti òní sínú èkejì, nọ́ńbà kan lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, láti kékeré lọ sí ńlá, kí ẹ wá tẹ àṣẹ méjì yìí:

```
comm -13 ibere.txt oni.txt
comm -23 ibere.txt oni.txt
```

Àṣẹ kìn-ín-ní yóò to àwọn nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìkejì yóò sì to àwọn tó ti kúrò. Tiwa fi hàn pé nọ́ńbà 17 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àti pé 3 nínú 40 àkọ́kọ́ ti kúrò. Bí ẹ bá yọ 3 kúrò nínú 40, tí ẹ fi 17 kún un, 54 náà ni yóò jẹ́. Ìyókúrò lásán ti fi àfikún 3 pamọ́ fún wa, nítorí pé ohun tó jáde lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ti dí ojú ohun tó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé.

Yíya ọkà kúrò lára ìyàngbò

Ẹyọ 17 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ibí yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ alábòójútó iṣẹ́ ti ń fi ẹ̀sùn kan ẹni tí kò ṣẹ̀. Mo fi lẹ́tà kan sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ní òpó kẹrin: P fún èyí tí a rí nípa pípín ẹyọ àtijọ́, G fún èyí tí a gbàgbé, T fún ohun tuntun tí a béèrè.

Àwọn P jẹ́ 6. A ti kọ “ìṣirò èlé” gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan ní ọjọ́ àdéhùn, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ibẹ̀, a rí i pé èlé ẹ̀yáwó kéékèèké, èlé ẹ̀yáwó ilé àti owó ìtanràn àwọn tó san owó pẹ́ kò lè wà lójú kan, a sì pín in sí 3. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe fún kíkó àkọsílẹ̀ inú ìwé àtijọ́ wọlé. Ẹyọ 2 di 6, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò fi ibì kankan fẹ̀. Isu kan náà ni, a kàn gé e sí wẹ́wẹ́ ni. Ẹni tó bá ka irú èyí mọ́ ìyọ́fẹ̀ yóò dá oníbàárà lẹ́bi lásán, yóò sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti máa fi ẹyọ ńláńlá pamọ́ kí iye má baà pọ̀.

Àwọn G jẹ́ 4: bí ọmọ ẹgbẹ́ yóò ṣe gba ọ̀rọ̀ ìwọlé tuntun bí ó bá gbàgbé tirẹ̀, ṣíṣe àdàkọ gbogbo àkọsílẹ̀ lálaalẹ́, bí akápò yóò ṣe tún àṣìṣe owó kọ kí ipasẹ̀ àṣìṣe náà má baà parẹ́, àti bí a ó ṣe ti àkáǹtì ọmọ ẹgbẹ́ tó kú tàbí tó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Áàpù owó kankan kò lè ṣe láìní ìwọ̀nyí. Àwa ni kò rántí kọ wọ́n, ẹ̀bi náà sì jẹ́ tiwa.

Àwọn T jẹ́ 7: àtẹ̀jíṣẹ́ tí akápò béèrè, àwòrán ọmọ ẹgbẹ́, ìkíni ọjọ́ ìbí, àmì ẹgbẹ́ lórí rìsíìtì, àwòrán ìṣirò tí alága fẹ́ máa fi han ìgbìmọ̀, ojú ewé fún ẹ̀ka kejì tí wọn kò tíì dá sílẹ̀, àti àkọsílẹ̀ ìrẹsì ọdún àti àgbò Iléyá tí ẹgbẹ́ ń tà láwìn fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Nígbà míì, ó ṣòro láti mọ̀ bóyá G ni ẹyọ kan tàbí T. Ìbéèrè tí mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni èyí: ǹjẹ́ ohun tó wà nínú àdéhùn lè ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí ẹyọ yìí? Bí kò bá lè ṣiṣẹ́, G ni, àwa la jẹ gbèsè rẹ̀. Bí ó bá lè ṣiṣẹ́, T ni, bó ti wù kí ó wúlò tó. Tita ìrẹsì láwìn wúlò gan-an fún ẹgbẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n owó àjẹṣẹ́kù àti ẹ̀yáwó tí a ṣe àdéhùn lé lórí kò nílò rẹ̀ kí wọ́n tó lè rìn.

Bí lẹ́tà bá ti wà ní òpó D, ìlà kan péré yóò sọ iye T fún wa:

```
=COUNTIF(D2:D100,"T")
```

Nísinsìnyí, a lè sọ òtítọ́ nípa bí iṣẹ́ ṣe fẹ̀ tó. Nínú 3 tó kúrò, 2 ni a pín sí 6, nítorí náà wọ́n ṣì wà, orúkọ ló yí padà. Ẹyọ kan ṣoṣo, fífi ìtẹ̀ka wọlé, ni a fagi lé ní tòótọ́, nítorí pé fóònù ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kò lè ṣe é. Ẹ yọ 1 kúrò nínú 40, ẹ fi G 4 àti T 7 kún un, yóò jẹ́ 50. Iṣẹ́ tó wà lọ́rùn wa kì í ṣe 40 mọ́, kì í sì í ṣe 54.

Ìyára tí a fi ń fi kún un, àti ìyára tí a fi ń parí

Iye nìkan kò sọ bí ọ̀ràn ṣe le tó. Ohun tó ń sọ ọ́ ni kí a gbé ìyára àfikún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyára ìparí.

Nínú 19 tí a parí, 3 jẹ́ wẹ́wẹ́ ẹyọ kan tí a pín, nítorí náà 17 ni ní òṣùwọ̀n ọjọ́ àdéhùn. Èyí jẹ́ ẹyọ 4 àti díẹ̀ lọ́sẹ̀, 4.25 gan-an. Ètò ní kí a ti parí 20. Bí a bá dúró síbẹ̀, a ó sọ pé ẹyọ 3 péré ni a fi rẹ̀yìn, kò sì ní dun ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo nọ́ńbà àwọn 17 náà, 12 péré ló wà láàárín 001 sí 040, tàbí tó jẹ́ wẹ́wẹ́ wọn. Àwọn 5 yòókù jẹ́ G 2 àti T 3: àwòrán ọmọ ẹgbẹ́, ìkíni ọjọ́ ìbí àti àmì ẹgbẹ́ ti parí, nígbà tí fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó kò tíì tán. Ọkàn mi bàjẹ́ nígbà tí mo rí i. A ti ń fi ọwọ́ tó yẹ kó ṣe ohun tí wọ́n sanwó fún ṣe ohun tí kò sí ẹni tó ṣírò rẹ̀.

Ohun tó kù jẹ́ 33, ìyẹn 50 tí a ti yọ 17 kúrò nínú rẹ̀. Bí a bá fi 4.25 pín in, yóò gba ọ̀sẹ̀ 8 tó dín díẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ 4 ló kù. Bí àfikún bá dúró pátápátá lónìí ni ìyẹn. Kò sì dúró: G àti T lápapọ̀ jẹ́ 2 ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, 3 ní ìkejì, 3 ní ìkẹta, 3 ní ìkẹrin. Ní ìwọ̀n 2.75 lọ́sẹ̀, ohun tí a ń jèrè ní ti gidi lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.5 péré. Ẹ fi 1.5 pín 33, ọ̀sẹ̀ 22 ni.

Àfikún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì kì í sábà bà mí lẹ́rù. Bí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú iṣẹ́, yóò rí ohun tó gbàgbé, yóò sì pín ohun tó tóbi. Ohun tó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ ni pé kí àfikún máa dínkù bí iṣẹ́ ti ń lọ. Bí ó bá dúró sí iye kan náà lẹ́yìn ìdajì ọ̀nà, tó sì jẹ́ pé T ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan wà tí kò ní olùṣọ́. Tiwa jẹ́ fóònù mi.

Ohun tí kíkà kò lè rí

Iye ẹyọ kò sọ ìwọ̀n ẹyọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí akápò béèrè jẹ́ ìlà kan ṣoṣo lórí àkójọ wa. Kí ó tó lè ṣiṣẹ́, a ní láti forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kí a sì dúró de ìfọwọ́sí. A ní láti tún nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ láti orí 0803 sí 234803, kí a sì wá àwọn tó fi òǹkà kan sílẹ̀. A ní láti mọ ẹni tí yóò máa san owó àtẹ̀jíṣẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti lọ. A sì ní láti pinnu ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àtẹ̀jíṣẹ́ kò bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ti sọ fún iléeṣẹ́ fóònù rẹ̀ pé òun kò fẹ́ irú rẹ̀. Àmì ẹgbẹ́ lórí rìsíìtì náà jẹ́ ìlà kan, kò sì ju wákàtí méjì lọ. Nítorí náà, bí mo bá ti ka T tán, mo máa ń kọ ìwọ̀n tí mo fojú dá sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: kékeré, àárín tàbí ńlá. Mi ò jẹ́ kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìṣirò tó bá gba àkókò jù kò ní pẹ́ tí a ó fi pa á tì.

Ìyọ́fẹ̀ mìíràn tún wà tí kò kan iye rárá, òun ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹyọ kan. Nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà, orúkọ rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n “rìsíìtì” tó jẹ́ ìwé kan ní ọjọ́ àdéhùn ti di èyí tí a lè tẹ̀ jáde, tí a lè fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù, tí a sì lè kà ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo fi ń mọ̀ ọ́n ni ẹyọ tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́nu iṣẹ́, tàbí èyí tí a ti sọ pé ó tán tí a tún ṣí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo máa ń mú àdàkọ ọjọ́ àdéhùn, kí n sì ka ohun tí a kọ sí iwájú nọ́ńbà yẹn sókè fún ẹni tó ń ṣe é.

Ohun tí a ṣe nígbà tí ìṣirò tán

Ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kí a fi ènìyàn kún ènìyàn. Frederick Brooks, tó darí iṣẹ́ OS/360, ètò tó ń darí àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá iléeṣẹ́ IBM, ní àwọn ọdún 1960, kọ ọ́ ní ọdún 1975 pé fífi ènìyàn kún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ a máa mú kí ó pẹ́ sí i, nítorí pé àwọn tó mọ iṣẹ́ ni yóò dẹwọ́ láti kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwa mẹ́ta kò mú ẹni kẹrin wá.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a fọwọ́ dúró lórí gbogbo T tí kò tíì parí, wọ́n sì jẹ́ 4. Mo wá bẹ àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà fún ìpàdé, mo gbé àdàkọ ọjọ́ àdéhùn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkójọ tòní. Àwọn G 4 ni mo kọ́kọ́ mẹ́nu bà, mo sì sọ fún wọn pé àwa la gbàgbé wọn, a kò ní gba kọ́bọ̀ lé wọn. Mo gbà pé bí ìpàdé bẹ́ẹ̀ yóò ṣe rí wà lọ́wọ́ gbólóhùn yìí. Bí ẹni tó gbaṣẹ́ bá pa ẹ̀bi tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ìbéèrè oníbàárà, tó sì gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí “ohun tí ẹ fi kún un,” oníbàárà yóò rí i, kò sì ní gba ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Alága béèrè pé, “Ṣé kò ṣeé ṣe kí ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ ni?” Mo ní, “Ó ṣeé ṣe, Sà. Ọ̀sẹ̀ 8 ni yóò gbà láti òní, bí a kò bá tún fi ohunkóhun kún un. Ọ̀sẹ̀ 4 la ṣàdéhùn pé ó kù.” Akápò wá wo ìlà àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó ní, “Háà, èyí tí mo sọ lórí fóònù náà wà níbẹ̀?” Kò sí ẹni tó bínú. Wọn kò tíì rí i kó jọ sójú kan rí ni.

A gbé T mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àtẹ̀jíṣẹ́ kò ṣeé fi sílẹ̀, nítorí pé òun ni yóò jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé áàpù náà. A gbà, ṣùgbọ́n ìpààrọ̀ ni a ṣe é, bí a sì ṣe pààrọ̀ rẹ̀ yẹ fún àkíyèsí: bí a bá gba ẹyọ kan jáde fún ẹyọ kan, a ó ti tan ara wa jẹ, nítorí pé ẹyọ ńlá ni àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹyọ 2 láti inú 40 ló jáde fún un, ojú ewé ìròyìn ẹgbẹ́ àti ìwé orúkọ àwọn tó wá sí ìpàdé. Àkọsílẹ̀ ìrẹsì àti àgbò ni wọ́n sanwó kún owó fún, a sì kọ iye náà àti àsìkò rẹ̀ sínú ìwé àfikún àdéhùn tí alága àti èmi fọwọ́ sí. Àwòrán ìṣirò alága àti ojú ewé ẹ̀ka kejì lọ sínú àkójọ ìdúró, títí di ìgbà tí apá kìn-ín-ní bá parí. Alága fúnra rẹ̀ ló ní kí tirẹ̀ dúró.

Ohun tó kù di 29, nítorí pé 2 lọ sínú ìdúró, 2 sì jáde nípa ìpààrọ̀. Ní 4.25 lọ́sẹ̀, ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 7 tó dín díẹ̀. A sún ọjọ́ ìparí síwájú fún ọ̀sẹ̀ 3, gbogbo wa sì mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Àkójọ tuntun, tí iye rẹ̀ jẹ́ 46, di òṣùwọ̀n láti ọjọ́ yẹn. A ṣe àdàkọ rẹ̀ pẹ̀lú déètì, ṣùgbọ́n a kò ju ti 40 nù. Ẹni tó bá ń sọ òṣùwọ̀n àtijọ́ nù ní gbogbo ìgbà tó bá ṣe tuntun yóò rò pé òun ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì ohun tó bẹ̀rẹ̀.

A wá fi olùṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ìbéèrè tuntun kankan kò gbọdọ̀ wọ inú àkójọ iṣẹ́ tààrà mọ́. Inú àkójọ ìdúró ni yóò kọ́kọ́ wọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ láti 901, déètì àti orúkọ ẹni tó béèrè. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àti èmi nìkan la lè gbé e kọjá sínú àkójọ iṣẹ́, Ọjọ́ Ajé nìkan la sì ń ṣe é. A tún fẹnu kò sórí ààlà: bí T bá ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún òṣùwọ̀n lọ, tàbí tí àfikún bá ju ìdajì ohun tí a parí lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì léra wọn, ìpàdé ti di dandan. Ìwọ̀n tí èmi ń lò nìyẹn, kì í ṣe òfin. Iṣẹ́ tí ènìyàn kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí lè nílò ààlà tó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé a ti ní in láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdá 10 nínú 40 jẹ́ 4, iye T wa sì ti dé 5 ní ọ̀sẹ̀ kẹta. À bá ti ṣe ìpàdé yẹn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, akápò tún pè. Ó fẹ́ kí áàpù náà máa ka iye owó sókè fún àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Mo ní, “Ohun tó dára ni, Mà. Nọ́ńbà 903 ni mo ń kọ ọ́ sí báyìí. Ní Ọjọ́ Ajé, akọ̀wé àti èmi yóò sọ fún yín ọjọ́ tí yóò gbà àti ohun tí yóò dúró nítorí rẹ̀.” Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi,” ó sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ti tán. Ó ti tán ní ọjọ́ kejì ìpàdé.